Nígbà tí Òdo Bá Fẹ́ Pín Òdo

Ẹ ṣí ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù yín, kí ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ dá fóònù náà dùbúlẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, àwọn bọ́tìnnì mìíràn á jáde, ẹ ó sì rí ọ̀kan tí wọ́n kọ ln sí lára. Lọ́gáríìmù àdánidá nìyẹn. Nọ́ńbà kan wà tí à ń pè ní e, iye rẹ̀ tó nǹkan bí 2.71828. Ohun tí ln ń sọ fún wa ni agbára tí a ó gbé nọ́ńbà e sí kí ó tó di nọ́ńbà tó wà níwájú wa. Bí a bá gbé e sí agbára 0, 1 ni a ó rí, nítorí náà ln(1) = 0.

Ẹ wá wo ln(1+x)/x. Bí a bá fi 0 sí ipò x, òdo ló wà lókè, òdo ló wà nísàlẹ̀, ẹ̀rọ á sì kọ̀ ọ́. Ẹ má fi òdo sí i. Ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Bí x bá jẹ́ 0.1, ìdáhùn jẹ́ 0.9531. Bí x bá jẹ́ 0.01, ó di 0.9950. Ní 0.001, ó di 0.9995. Ẹ gba ẹ̀yìn òdo wá, kí x jẹ́ -0.01, ẹ ó rí 1.0050. Ibi yòówù kí a gbà, 1 ni a ń bọ̀ wá bá. Nọ́ńbà tí ìdáhùn ń sún mọ́ báyìí là ń pè ní líímìtì.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 1? Ọ̀rọ̀ èlé ló là á yé mi. Ní 1683, Jákọ́bù Bẹ̀rúnúlì, onímọ̀ ìṣirò ará Swítsálándì, ń wo owó tí èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Bí wọ́n bá san èlé lẹ́ẹ̀kan, náírà kan á di 2. Bí wọ́n bá dá a sí méjì lọ́dún, tí èlé sì ń bímọ, ó di 2.25. Lóṣooṣù, ó di 2.613. Lójoojúmọ́, ó di 2.7146. Ó ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò kọjá nọ́ńbà e. Bí a bá pe ìdá èlé kékeré kọ̀ọ̀kan ní x, ohun tí à ń ṣe ni pé à ń gbé 1+x sí agbára 1/x, ó sì ń lọ bá e bí x ti ń kéré.

Nísinsìnyí, ln(1+x)/x kò yàtọ̀ sí ln((1+x)^(1/x)) gan-an, nítorí pé agbára máa ń jáde síwájú lọ́gáríìmù láti wá sọ ọ́ di púpọ̀. Nígbà tí ohun tó wà nínú bá di e, ln(e) ni 1.

Líímìtì kejì tí a fẹ́ wò, ti (e^x - 1)/x, inú ìkíní ló ti jáde. Ẹ pe e^x - 1 ní y. A jẹ́ pé e^x jẹ́ 1+y, x fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ln(1+y). Ohun tó kù lọ́wọ́ wa ni y/ln(1+y): ìkíní tí a yí lódì ni. Bí x bá ń lọ sí òdo, y náà ń lọ sí òdo, 1 tí a sì yí lódì kò kúrò ní 1. Ẹ dán an wò lórí fóònù: 0.1 fún wa ní 1.0517, 0.01 fún wa ní 1.0050.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni pé èèyàn á tẹ log dípò ln. Bí ìdáhùn yín bá ń sún mọ́ 0.434, ohun tí ẹ ṣe nìyẹn. Òmíràn ni pé ohun ìsàlẹ̀ kò bá tòkè mu: ln(1+3x)/x kì í lọ sí 1, 3 ló ń lọ bá. Ẹ má sì sọ x di kín-ín-kín jù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò lè di ju díjíìtì mẹ́rìndínlógún tàbí mẹ́tàdínlógún mú. Bí òdo tó ṣíwájú nínú x bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, 1+x á di 1 lójú ẹ̀rọ, ẹ ó sì rí òdo. Ẹ̀rọ ló ṣìnà níbẹ̀, líímìtì kò yẹ̀.

Ibi tí èyí ti wúlò nìyí. Ẹnì kan fi ₦100,000 sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń san èlé 1 nínú 100 lóṣù, èlé sì ń gun orí owó. Oṣù mélòó ni yóò fi di ìlọ́po méjì? Ìṣirò rẹ̀ ni ln(2) tí a fi ln(1.01) pín. Nítorí pé x kéré, a lè fi 0.01 rọ́pò ln(1.01). ln(2) jẹ́ 0.693, ìdáhùn sì jẹ́ oṣù 69.3. Ní ìparí oṣù 69, owó náà jẹ́ ₦198,689. Ní oṣù 70, ó di ₦200,676. Ṣùgbọ́n bí èlé bá jẹ́ 10 nínú 100 lóṣù, ọ̀nà àbùjá yìí á sọ pé kò ní pé oṣù méje. Irọ́ ni: ní oṣù keje, ₦194,872 péré ló wà níbẹ̀, oṣù kẹjọ ni yóò tó kọjá ₦200,000.