Àwòrán Kan Kò Tó Dá Ọkàn Lẹ́jọ́

Ní 1953, ní ìlú Lund ní Súwídìn, ni Inge Edler àti Hellmuth Hertz kọ́kọ́ fi ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ wo ọkàn tí ń lù. Àwòrán tí ẹ̀rọ òde òní ń fi irú ìró bẹ́ẹ̀ yà máa ń mì bí ọkàn ti ń mì. Bí a bá dá a dúró, ìdá kékeré kan nínú ìṣẹ́jú àáyá péré ni a mú. Kí ni a lè mọ̀ láti ara rẹ̀?

Ìtóbi Ìyẹ̀wù
Ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ apá òsì ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara. Ojú lásán kò tó wọ̀n ọ́n, nítorí pé bí a bá fa àwòrán súnmọ́ tòsí, kékeré yóò dà bí ńlá. Àmì ìwọ̀n tí ó wà létí àwòrán ni kí a lò. Nígbà tí ìyẹ̀wù náà bá kún tán, ìbú rẹ̀ máa ń wà láàárín mìlímítà 42 sí 58 lára ọkùnrin, àti 38 sí 52 lára obìnrin.

Ìrísí Ìlẹ̀kùn
Ìlẹ̀kùn tí ó wà láàárín ìyẹ̀wù òkè àti ti ìsàlẹ̀ lápá òsì ní ewé méjì. Bí ibà tí ń mú oríkèé ara wú bá ti bà á jẹ́, etí ewé náà lè nípọn kí ó sì lẹ̀ mọ́ra. Ewé iwájú yóò wá tẹ̀ bí orúnkún nígbà tí ó bá ń ṣí. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ìlẹ̀kùn wà ní pípadé ni a dá àwòrán dúró, a kò ní rí ìtẹ̀ yìí.

Ìdá Ẹ̀jẹ̀ Tí Ọkàn Ń Tú Jáde
Níhìn-ín, àwòrán méjì ni a nílò: èyí tí ìyẹ̀wù ti kún jù, àti èyí tí ó ti fún pọ̀ jù. Ìṣirò kan nìyí:

V = 0.85 × A² ÷ L

V ni ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀, A ni ìwọ̀n ojú ìyẹ̀wù nínú àwòrán, L ni gígùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí ìyẹ̀wù rẹ̀ kún, A jẹ́ 34, L jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8.5, V yóò jẹ́ mìlílítà 116. Nígbà tí ó fún pọ̀ tán, A di 20, L di 6.8, V sì di 50. Ohun tí ó tú jáde jẹ́ 66, èyí tí í ṣe nǹkan bí 57 nínú 100. Ara rẹ̀ le, nítorí pé 52 sí 72 ni ti ọkùnrin.

Ká ní a kánjú dá àwòrán kejì dúró kí ọkàn tó fún pọ̀ tán ńkọ́? A lè rí A 23 àti L 7.1. V yóò jẹ́ 63, ìdá náà yóò sì já sí 45. A ti sọ ọkàn tí ó le di aláìlera!

Ọ̀nà tí a ó fi mọ àṣìṣe yìí ni pé kí a sún àwòrán síwájú díẹ̀díẹ̀. Bí ìyẹ̀wù bá ṣì ń kéré sí i, a kò tíì débẹ̀. Ìgbà tí ó kéré jù ni èyí tí ó ṣáájú kí ìlẹ̀kùn òkè tó ṣí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá mú àwòrán kan ṣoṣo wá pé kí a sọ agbára ọkàn, ìdáhùn wa ni pé: èkejì dà?