Ẹ Má Sọ Òkò Ẹ̀dínwó Sọ́jà

Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Òwe yìí ló ń ṣẹ mọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tajà lórí ayélujára lára. Oníbàárà kó ọjà sínú agbọ̀n, ó dé ibi ìsanwó, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọlọ́jà ti kọ̀wé sí gbogbo irú wọn pé òun ti yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Kò bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ni òkò náà máa bà.

Ohun tó lé oníbàárà lọ ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀. Ìwádìí Baymard Institute fi hàn pé nínú agbọ̀n mẹ́wàá, nǹkan bíi méje ni wọn kì í sanwó rẹ̀. Àwọn kan kàn ń wo ọjà ni. Nínú àwọn tó fẹ́ rà lóòótọ́, ẹ̀sùn tó pọ̀ jù ni owó tó yọjú nígbẹ̀yìn, bí owó ìfijíṣẹ́. Lọ́dọ̀ wa, ẹ fi káàdì tí báǹkì kọ̀ àti tiransífà tí kò wọlé kún un. Ẹ̀dínwó kì í ṣe oògùn báǹkì tó kọ káàdì. Tó bá sì jẹ́ owó ìfijíṣẹ́ láti Èkó dé Ìlọrin ló ń lé wọn, ẹ gbé e sójú ewé ọjà gan-an kí wọ́n tètè rí i.

Lẹ́yìn èyí ló kan àkókò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ rán ìmeèlì tàbí Wáàsáàpù àkọ́kọ́ ní bíi wákàtí kan sí ìgbà tó lọ, nígbà tí ọjà ṣì wà lọ́kàn rẹ̀, sí ẹni tó gbà kí ẹ kàn sí òun nìkan. Ẹ fi àwòrán ọjà náà sí i, pẹ̀lú àpapọ̀ owó àti líǹkì tó máa gbé e padà sínú agbọ̀n rẹ̀. Ẹ kàn kọ ọ́ pé: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Aṣọ yín ṣì wà nílẹ̀. Ṣé owó ló kọ̀ tí kò wọlé ni? Ẹ fèsì, a ó bá yín yanjú ẹ̀." Èkejì á tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kejì, kó dáhùn ohun tó ń kọni lóminú: bí aṣọ náà ṣe tóbi tó, ọjọ́ tí yóò dé, bí a ṣe lè dá a padà. Ẹ̀kẹta lọ́jọ́ kẹta, ó parí. Ẹni tó bá ti sanwó, ẹ tètè yọ orúkọ rẹ̀, nítorí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó pé bá rí ẹ̀dínwó gbà, yóò ní kí ẹ dá ìyókù padà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní bùbá àdìrẹ kan jẹ́ ₦20,000. Owó tí ẹ fi rán an jẹ́ ₦12,000, àpò àti páálí ₦1,000, owó ìpolówó ₦1,600. Paystack yọ ìdá kan àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú ₦100, ìyẹn ₦400. Èrè yín jẹ́ ₦5,000. Ẹ yọ ìdá mẹ́wàá, ₦2,000 lọ. Inú èrè ló ti lọ, nítorí aránṣọ ò ní bá yín dín owó tirẹ̀. Ó ṣẹ́ ku nǹkan bíi ₦3,000.

Ká ní ọgọ́rùn-ún èèyàn fi agbọ̀n sílẹ̀. Ìránnilétí lásán dá mẹ́wàá padà: èrè ₦50,000. Ẹ̀dínwó dá mẹ́rìnlá padà: èrè ₦42,000. Ọjà tà sí i, àpò gbẹ sí i. Àwọn mẹ́wàá tí ìbá san owó pé ni òkò bà. Ó di ìgbà tí ẹ̀dínwó bá dá mẹ́tàdínlógún padà kó tó borí. Nítorí náà, ẹ pín wọn sí méjì láìṣẹ̀sà, kí apá kan gba ìránnilétí lásán, kí apá kejì gba ẹ̀dínwó, kí ẹ sì fi èrè wọn wéra, ẹ má fi iye ọjà tó tà ṣe é.

Ewu kejì ni pé oníbàárà ń kẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹ bá rí orúkọ kan náà tó ń fi agbọ̀n sílẹ̀ léraléra, tó sì ń fi kóòdù yín rajà lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ.

Tí ẹ bá máa fúnni lẹ́dínwó, ẹ fi mọ sí ìwé ẹ̀kẹta, fún ẹni tí kò rajà lọ́wọ́ yín rí, pẹ̀lú kóòdù tí ẹnì kan lè lò lẹ́ẹ̀kan péré, tó sì máa kú lọ́jọ́ kejì. Ọjà tí èrè rẹ̀ kéré, ẹ má ṣe dín in rárá. Ẹ kúkú ru owó ìfijíṣẹ́ fún ẹni tó bá ra méjì, tí èrè méjèèjì bá lè gbé e. Kí ẹ tó rán kóòdù mìíràn jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ìwé ìṣirò sílẹ̀, kí ẹ wo iye tó ń ṣẹ́ kù lórí ọjà kan.