Owó inṣọ́ránsì ọdún kan kì í ṣe ìnáwó oṣù kan

Ẹ̀yin oníléeṣẹ́ kéékèèké tó wà ní Ìyànà Ìyẹsí, ní Ọ̀tà, ìwé owó yín la fẹ́ bá yín yẹ̀ wò lónìí. Òfin inṣọ́ránsì ọdún 2003 ló sọ pé ẹni tí kò bá sanwó kò ní ààbò. Nígbà tí àjọ NAICOM sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ líle mú un ní oṣù kìíní, ọdún 2013, owó ọdún kan ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo di nǹkan tí oníṣòwò gbọ́dọ̀ palẹ̀ mọ́ fún.

Ẹ jẹ́ ká ní ọ̀rẹ́ méjì jọ ni iléeṣẹ́ píọ́wọ́tà kan ládùúgbò yìí, tí wọ́n ń pín èrè ní dọ́gbadọ́gba. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, wọ́n san N360,000 fún inṣọ́ránsì iná lórí ilé àti ẹ̀rọ wọn. N250,000 ló máa ń kù lóṣooṣù kí wọ́n tó yọ owó inṣọ́ránsì.

Akọ̀wé wọn kọ gbogbo N360,000 sí ìnáwó oṣù kẹsàn-án. Ìwé wá ní wọ́n pàdánù N110,000 lóṣù yẹn. Nígbà tí oṣù kẹwàá parí, ìwé kan náà ní wọ́n jèrè N250,000. Bẹ́ẹ̀, omi tí wọ́n tà kò lé, kò dín. Irọ́ ni ìwé ń pa lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ohun tó yẹ ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n sanwó, kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sí ojú ewé tí wọ́n pè ní Inṣọ́ránsì Àsansílẹ̀, láàárín àwọn ohun ìní iléeṣẹ́. Ohun ìní ni lóòótọ́, nítorí iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì ṣì jẹ wọ́n ní ààbò oṣù méjìlá. Tí oṣù bá ti parí, wọn yóò yọ N30,000 kúrò níbẹ̀, wọn yóò kọ ọ́ sí Ìnáwó Inṣọ́ránsì. Wọn kò tún ní í fọwọ́ kan ojú ewé báńkì, owó ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Èrè wọn yóò wá máa jẹ́ N220,000 lóṣooṣù.

Ká ní ọ̀kan nínú wọn fẹ́ kúrò lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ńkọ́? Oṣù mẹ́rin ti lọ, N120,000 ti di ìnáwó, N240,000 ṣì kù. Ìwé akọ̀wé yẹn kò ní í fi N240,000 náà hàn rárá, ẹni tó ń lọ yóò sì pàdánù N120,000 tó jẹ́ ìpín tirẹ̀. Ohun tó kéré sí i ti tú ọ̀rẹ́ ká rí.

Àṣìṣe kejì ni kéèyàn kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa, kó wá gbàgbé láti máa yọ ọ́. Ẹ ka iye oṣù tó kù, kí ẹ fi N30,000 sọ ọ́ di púpọ̀. Ní ìparí oṣù kejì, oṣù mẹ́fà ló kù, N180,000 ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Tó bá jẹ́ N210,000 ni, ẹ ti fo oṣù kan. Tí inṣọ́ránsì bá bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù, ẹ fi iye ọjọ́ pín in.

Ẹ má sì ka iye tó kù yìí mọ́ owó tó wà lápò. Tí ẹ bá fagi lé inṣọ́ránsì náà, àdéhùn inú ìwé rẹ̀ ni yóò sọ iye tí wọn yóò dá padà, ó sì lè kéré sí iye tó wà nínú ìwé yín. Ìyàtọ̀ náà yóò di ìnáwó lóṣù yẹn gan-an.