Àpótí Ìmọ̀: Ìkéde Tí Ìyá Ọmọ Lè Tẹ̀ Lé

Ní 2008, májèlé daetilíìnì gíláíkọ́ọ̀lù wọ inú oògùn eyín ọmọdé kan ní Nàìjíríà. Àwọn ọmọ tó kú lé ní 80. Ká ní ilé iṣẹ́ kan kó sínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, tó wá kọ ọ́ báyìí:

"A kẹ́dùn fún ìnira tó lè ti wáyé. A ń gba díẹ̀ lára ọjà wa padà."

Ìgò wo? Ta ló jẹ̀bi? "Tó lè ti wáyé" yẹn ló bí mi nínú jù, nítorí ó sọ ikú di àfẹnusọ. Àtúnkọ rẹ̀ nìyí:

"Ẹ má fún ọmọ ní oògùn eyín wa tí nọ́ńbà 114 wà lábẹ́ ìgò rẹ̀ mọ́. Májèlé tó ń ba kíndìnrín jẹ́ wà nínú rẹ̀. Àwa la jẹ̀bi: a kò yẹ èròjà tí a rà wò kí a tó lò ó. Ẹ dárí jì wá. Ẹ gbé ọmọ tó bá ti mu ún lọ sílé ìwòsàn lónìí, pàápàá bí ó bá ń bì tàbí tí kò tọ̀, kí ẹ sì mú ìgò náà dání. Ẹ dá ìgò yòókù padà sí ṣọ́ọ̀bù. A ó san owó yín, ì báà má sí rìsíìtì."

Ìkìlọ̀ ló ṣíwájú, ẹ̀bẹ̀ tẹ̀ lé e. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.