Ọ̀kẹ́, Dọ́sìnì àti Móòlù: Bí A Ṣe Ń Ka Ohun Tí Ojú Kò Rí

Àwa tí a kọ́ nípa òǹkà Yorùbá ní ẹ̀ka wa mọ̀ pé ọ̀kẹ́ jẹ́ àpò, ó sì tún jẹ́ iye. Láyé owó ẹyọ, wọn a máa sín ogójì ẹyọ sórí okùn kan. Àádọ́ta irú okùn bẹ́ẹ̀ ni ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ló sì ń kún àpò kan, ìyẹn 20,000. Bí ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí àpò ṣe di orúkọ iye nìyẹn. Títí di òní, ọ̀kẹ́ mẹ́wàá jẹ́ 200,000, yálà àpò wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí ni ìwọ̀n àpò náà. Ẹyọ tó ń wá láti erékùṣù Màlídífì kéré. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú mìíràn wá sí etíkun wa láti Sansibá, èyí sì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì wúwo jù ú lọ. Bí ẹ bá gbé ọ̀kẹ́ kan nínú ti Màlídífì àti ọ̀kẹ́ kan nínú ti Sansibá sórí òṣùwọ̀n, ìwọ̀n wọn kò ní bára mu. Síbẹ̀, 20,000 ni èyí, 20,000 náà ni ìyẹn. Iye kan náà ni, ìwọ̀n ló yàtọ̀.

Ẹni tó bá ti gba gbólóhùn yìí ti mọ ohun tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń pè ní móòlù. Àwọn àbúrò wa tó ń múra sílẹ̀ fún WAEC sábà máa ń rò pé móòlù jẹ́ irú ìwọ̀n kan, bíi gíráàmù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ iye ni, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kẹ́ ṣe jẹ́ orúkọ iye.

Láti orí dọ́sìnì

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lo iye tí kò ga jù. Dọ́sìnì kan jẹ́ méjìlá. Dọ́sìnì bírò jẹ́ bírò méjìlá, dọ́sìnì ìwé jẹ́ ìwé méjìlá, bẹ́ẹ̀ ni dọ́sìnì ìwé sì wúwo ju dọ́sìnì bírò lọ.

Wàyí o, ká ní káfíńtà kan ní Mushin fẹ́ ra ìṣó. Kò sí ẹni tó máa jókòó ka ìṣó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún un, orí òṣùwọ̀n ni wọ́n máa dà á sí. Ká ní gbogbo ìṣó náà dọ́gba, tí dọ́sìnì kan wọn 60 gíráàmù, tí káfíńtà sì ra 1,500 gíráàmù. Dọ́sìnì mélòó ló rà? A ó pín 1,500 sí ọ̀nà 60, ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ dọ́sìnì 25. Bí a bá fẹ́ mọ iye ìṣó, a ó fi 12 sọ 25 di púpọ̀, yóò jẹ́ 300. A ka 300 ìṣó láìfọwọ́ kan ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Gbogbo ohun tí a nílò ni ìwọ̀n ohun tó wà nílẹ̀ àti ìwọ̀n dọ́sìnì kan.

Bí a ṣe ń sọ gíráàmù di móòlù nìyẹn gan-an. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ohun tí à ń kà kéré débi pé dọ́sìnì kò lè ràn wá lọ́wọ́. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo ní mólékù tó pọ̀ ju ohun tí a lè fi dọ́sìnì tàbí ọ̀kẹ́ kà lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe mú iye tó tóbi gan-an, tí wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ. Móòlù kan jẹ́ ẹyọ 6.02214076 × 10²³. Bí a bá fẹ́ fi ọ̀kẹ́ pè é, yóò sún mọ́ ọ̀kẹ́ lọ́nà 3 × 10¹⁹.

Àwọn èèyàn ń pe iye yìí ní iye Avogadro, ṣùgbọ́n Amedeo Avogadro fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó sọ ní ọdún 1811 ni pé, bí ooru àti ìtẹ̀ bá dọ́gba, afẹ́fẹ́ méjì tó gba àyè kan náà ní iye mólékù kan náà. Jean Perrin ló fi orúkọ Avogadro sọ iye náà ní ọdún 1909. Tẹ́lẹ̀ rí, iye átọ́ọ̀mù tó wà nínú gíráàmù 12 irú kábọ́ọ̀nù kan báyìí ni wọ́n fi ń ṣàlàyé móòlù. Láti ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, iye náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ṣàlàyé rẹ̀. Móòlù bọ́ lọ́wọ́ ìwọ̀n, ó di iye pọ́ńbélé, bí ọ̀kẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ àpò.

Níbo la ti ń rí ìwọ̀n móòlù kan?

Káfíńtà wa nílò ìwọ̀n dọ́sìnì ìṣó kan. Àwa náà nílò ìwọ̀n móòlù kan, inú àtẹ ẹ́límẹ́ǹtì tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì la sì ti ń rí i. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí abẹ́ ẹ́límẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ni iye gíráàmù tí móòlù kan rẹ̀ wọ̀n: háídírójìn 1, kábọ́ọ̀nù 12, ọ́síjìn 16, sódíọ̀mù 23, kílórínì 35.5. Iyọ̀ tí à ń jẹ, NaCl, ní sódíọ̀mù kan àti kílórínì kan, nítorí náà móòlù rẹ̀ kan wọn 23 + 35.5, ìyẹn 58.5 gíráàmù. Gúlúkóòsì jẹ́ C₆H₁₂O₆. Kábọ́ọ̀nù mẹ́fà jẹ́ 72, háídírójìn méjìlá jẹ́ 12, ọ́síjìn mẹ́fà jẹ́ 96. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 180 gíráàmù.

Ìṣirò tó kù kò ju ẹyọ kan lọ:

iye móòlù = gíráàmù tó wà nílẹ̀ ÷ gíráàmù móòlù kan

Ohun tó wà nínú páálí ORS

Kí ló dé tí a fi ń ṣe wàhálà yìí? Ẹ lọ sí ilé ìtajà oògùn èyíkéyìí ní Yaba tàbí Surulere, ẹ béèrè ORS, oògùn olóyẹ̀fun tí a máa ń pò mọ́ omi fún ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń gbẹ omi lára rẹ̀. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní ọdún 2002 ní ohun mẹ́rin nínú. Fún lítà omi kan, mẹ́ta nínú wọn nìyí: gúlúkóòsì 13.5 gíráàmù, iyọ̀ 2.6 gíráàmù, àti iyọ̀ mìíràn tí wọ́n ń pè ní sódíọ̀mù sítíréètì, 2.9 gíráàmù. Ẹ̀kẹrin jẹ́ iyọ̀ pòtásíọ̀mù.

Bí a bá fi gíráàmù wò ó, ṣúgà ló gba gbogbo páálí náà. Ẹ jẹ́ ká wá kà á.

Gúlúkóòsì: 13.5 ÷ 180 = 0.075 móòlù.

Iyọ̀: 2.6 ÷ 58.5 = 0.044 móòlù. Sódíọ̀mù kan ló wà nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà sódíọ̀mù jẹ́ 0.044.

Sítíréètì: irú èyí tí wọ́n ń lò gbé mólékù omi méjì pọ̀, ó sì yẹ ká ka omi náà mọ́ ọn. Móòlù rẹ̀ kan wọn 294 gíráàmù. 2.9 ÷ 294 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.01 móòlù. Ṣùgbọ́n sódíọ̀mù mẹ́ta ló wà nínú ẹyọ kan, nítorí náà sódíọ̀mù jẹ́ 0.03.

Ẹ wá ro sódíọ̀mù pọ̀. 0.044 àti 0.03 jẹ́ 0.074, ó kù díẹ̀ kó pé 0.075. Gúlúkóòsì 0.075, sódíọ̀mù 0.074. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba! Òṣùwọ̀n kò lè fi èyí hàn wá, àfi kíkà.

Èyí kì í ṣe èèṣì. Ní ọdún 1960, ní ìlú Pírágì, Robert Crane ṣàlàyé pé ẹnu ọ̀nà kan wà lára ìfun wa tí gúlúkóòsì àti sódíọ̀mù jọ ń gbà wọlé. Bí wọ́n bá ti wọlé, omi á tẹ̀ lé wọn. Ẹnu ọ̀nà yẹn kò mọ gíráàmù, ẹyọ ló ń gbà. Ìdí nìyí tí ìlànà ORS fi sọ pé iye gúlúkóòsì kò gbọdọ̀ dín sí ti sódíọ̀mù.

Ibi tí nǹkan ti ń wọ́

Ká ní ẹnì kan fi ṣúgà inú ilé dípò gúlúkóòsì, tó sì wọn 13.5 gíráàmù náà. Ṣúgà inú ilé jẹ́ C₁₂H₂₂O₁₁, móòlù rẹ̀ kan wọn 342 gíráàmù. 13.5 ÷ 342 jẹ́ 0.039 móòlù. Nígbà tí ẹyọ kan bá pín nínú ìfun, gúlúkóòsì kan ṣoṣo ló ń jáde lára rẹ̀, èkejì jẹ́ ṣúgà oríṣi mìíràn. Ìwọ̀n kò yí padà, ṣùgbọ́n gúlúkóòsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlàjì.

Èyí tó léwu jù ni ti omi. Ká ní páálí tó jẹ́ ti lítà kan ni ìyá kan pò mọ́ píọ̀ wọ́tà kan ṣoṣo, èyí tó jẹ́ ìlàjì lítà. Móòlù inú páálí kò yí padà, àmọ́ omi ti dín sí ìlàjì, nítorí náà iye tó wà nínú lítà kan ti di ìlọ́po méjì. Bí a bá ka gbogbo ẹyọ tó wà nínú ORS tí wọ́n pò dáadáa, ó jẹ́ 0.245 móòlù nínú lítà kan. Ti ẹ̀jẹ̀ wa sún mọ́ 0.29. Èyí tí wọ́n fi píọ̀ wọ́tà kan pò á di 0.49, ó ti ki ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Níbi tí ẹyọ bá ti pọ̀ jù ni omi máa ń sá lọ. Dípò kí omi wọ ara ọmọ náà, inú ìfun ni yóò máa sá lọ láti ara rẹ̀, ìgbẹ́ á sì le sí i. Ẹ ka ìwọ̀n omi tó wà lára páálí kí ẹ tó já a, nítorí kì í ṣe gbogbo páálí ló jẹ́ ti lítà kan.

Ní ti ìwé ìdánwò, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ọmọ sọ iye di púpọ̀ níbi tó ti yẹ kó pín in. Ọ̀nà wà láti dá a mọ̀. Kí ó bi ara rẹ̀ pé, ṣé ohun tó wà níwájú mi tó móòlù kan? Iyọ̀ 2.6 gíráàmù kò tó 58.5, nítorí náà ìdáhùn kò gbọdọ̀ tó 1. Bí ó bá rí 152, ó ti sọ ọ́ di púpọ̀ nìyẹn. Káfíńtà tó ra ìṣó tí kò wọn 60 gíráàmù kò lè sọ pé òun ra dọ́sìnì kan.