Yíyá Lẹ́tà Láti Dí Àlàfo Ọ̀rọ̀ Tí Kòkòrò Jẹ

Ká ní ojú ewé kan wà lọ́wọ́ wa láti inú Ìwé Ìròhìn, tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859. Kòkòrò ti jẹ àárín ìlà kan. Ohun tó kù nínú gbólóhùn náà fi hàn pé orúkọ ìlú yẹn ló sọnù, ká sì gbà pé “Abẹokuta” ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, láìsí àmì ohùn. Bí orúkọ náà bá wà lódidi níbòmíràn lójú ewé, tí ìwọ̀n lẹ́tà wọn bá dọ́gba, ẹ kàn ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Bí kò bá sí, a ó kó o jọ.

Ẹ ya ojú ewé náà sínú kọ̀ǹpútà ní 600 dpi, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ bíi PNG. JPEG máa ń fi àbàwọ́n wínníwínní sí etí lẹ́tà, àbàwọ́n yẹn á sì tẹ̀ lé lẹ́tà tẹ́ ẹ bá yá. Inú GIMP ni ká ti ṣiṣẹ́, lórí ẹ̀dà. Ẹ kọ́kọ́ fi irinṣẹ́ Clone mú àwọ̀ bébà tó mọ́ lẹ́bàá ihò náà, kí ẹ fi dí i.

Ó wá kan lẹ́tà. Ìlà tó wà nítòsí ni kẹ́ ẹ ti yá wọn, torí tàdáwà lè ki lókè kó sì ṣá nísàlẹ̀. Bí ẹ bá rí “ku” tàbí “ta” nínú ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹ gbé méjèèjì pọ̀, àyè àárín wọn á sì bá wọn wá. Bí kò bá sí “ẹ”, ẹ mú “e” lásán, kí ẹ yá àmì abẹ́ “ọ” fún un.

Ẹ ṣe ẹ̀dà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ sórí ìpele tirẹ̀ pẹ̀lú `Edit > Paste as > New Layer`, kí ẹ sì yan `Darken only` fún ìpele náà. Ohun tó bá dúdú jù nínú òkè àti ìsàlẹ̀ ló máa ń hàn, nítorí náà bébà tó yí lẹ́tà ká kì í sábà fi ojú ààlà hàn. Ẹ fa ìlà atọ́nà láti ara rúlà wá sí ìdí àwọn lẹ́tà tó kù, kí tuntun lè jókòó lé e. Ẹ má ṣe na lẹ́tà, ẹ má sì sún un kì.

Ibí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀. Láyé ìtẹ̀wé olójé, ìwọ̀n àyè tí lẹ́tà kan ń gbà kì í yí padà. Àyè àárín ọ̀rọ̀ ni atẹ̀wé ń fẹ̀ tàbí ń dín kí ìlà lè kún. Nítorí náà, nígbà tí “Abẹokuta” bá ti wọlé, ẹ wọn àyè tó ṣẹ́ kù lápá òsì àti lápá ọ̀tún rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n bá àyè yòókù lórí ìlà yẹn gan-an dọ́gba. Bí apá kan bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ó ṣeé ṣe kí àmì ìdánudúró díẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ kékeré kan ti wà níbẹ̀. Bí lẹ́tà bá fẹ́ gun ọ̀rọ̀ tó kàn, ọ̀rọ̀ tí a fojú dá kọ́ ló wà níbẹ̀, tàbí kẹ̀ wọ́n kọ ọ́ lọ́nà mìíràn.

Ẹ tọ́jú gbogbo ìpele sínú XCF, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ dá padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà, kí ẹni tó bá ń kà á má bàa rò pé ọwọ́ atẹ̀wé ló ti wá.