Ojú Olójú Kò Jọ Ojú Ẹni

Àwọn àgbà ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ẹni tó ń gbé ní London tó fẹ́ máa ta gàrí Ìjẹ̀bú gbọ́dọ̀ fi òwe yìí sọ́kàn, torí ọjà rẹ̀ wà nílé, owó rẹ̀ wà lókè òkun, ojú rẹ̀ kò sì tó ibi tí wọ́n ti ń yan án.

Ibi ààrò ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó ń yan gàrí bá ń kánjú, omi á ṣẹ́kù sínú rẹ̀. Ẹni tó tà á kò pàdánù, torí omi ń wúwo lórí ìwọ̀n. Ẹ̀yin lẹ máa sanwó omi náà, ẹ̀yin náà lẹ sì máa bá gàrí tó ti bu nínú kọ̀ńténà. Ìlànà oúnjẹ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Codex kò gbà kí omi inú gàrí ju 12 nínú 100 lọ. Ẹ ní kí àbúrò yín tàbí ẹlòmíì tí ẹ fọkàn tán nílé bu gàrí sínú ìgò tó gbẹ, kó dé e pa, kó gbé e sóòrùn fún wákàtí méjì sí mẹ́ta. Bí omi bá sẹ̀ sára ìgò, kò tíì gbẹ nìyẹn. Kó tún rẹ ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ife omi tútù kó lè rí i bóyá iyanrìn wà nísàlẹ̀. Kó ya fídíò méjèèjì kó tó sanwó. Ẹ kìlọ̀ fún alágàrí kó má ṣe fi oògùn kòkòrò sí ibi tó ń kó o sí. Nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni European Union fi fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà lọ́dún 2015.

Ẹ̀yìn èyí ni ìṣirò owó ọkọ̀. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ẹrù ti wà lójú omi kó tó ṣírò, aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà. Ìwọ̀n kílò ni ọkọ̀ òfuurufú sábà ń wò fún ẹrù tó wúwo bíi gàrí. Ààyè tí ẹrù gbà nínú kọ̀ńténà ni ọkọ̀ ojú omi sábà ń gbowó lé lórí, bí ẹ bá bá àwọn ẹlòmíì pín in. Gàrí 500 kílò kò ju nǹkan bí àpótí kan tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga.

Ká ní ẹ ra 500 kílò yìí ní £300, tí àpò àti mọ́tò dé èbúté Èkó jẹ́ £100, ọkọ̀ ojú omi £250, agẹ́ńtì, kọ́sítọ́ọ̀mù àti mọ́tò láti èbúté Tilbury £200, ọ̀rá kéékèèké àti lébẹ́ẹ̀lì £100. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £950. Bí 25 kílò bá dànù tàbí bà jẹ́, 475 ló kù láti tà. Gàrí tí ẹ rà ní 60 pẹ́ǹsì ní kílò kan ti di £2. Bí ẹ bá tà á fún ọlọ́jà ní £2.20, £95 péré ni èrè yín lórí gbogbo làálàá náà. Bí ẹ bá tà á fún ẹni tó máa mu ún ní £3, èrè yín á tó £475.

Ìdí nìyí tí n kò fi ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù Peckham. Gàrí ti pọ̀ níbẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ fi ọkọ̀ òfuurufú kó 20 kílò wá, kí ẹ dì í ní kílò kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó ta ọ̀rá kan ṣoṣo, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ kánsù àdúgbò yín gẹ́gẹ́ bí olówò oúnjẹ, ó kéré tán ní ọjọ́ 28 ṣáájú. Kò gbowó. Ẹ kọ orúkọ ọjà, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n jẹ ẹ́ dà àti àdírẹ́sì yín ní Britain sára ọ̀rá.

Ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí ni kí ẹ gbé e lọ. Níbẹ̀ lẹ ti máa rí àwọn tó mọ adùn gàrí tó kan dáadáa, ẹ kò sì ní san owó pósítì. Ẹ má ka mọ̀lẹ́bí mọ́ oníbàárà. Wọ́n lè rà á láti fi ojú àánú wò yín ni. Ẹni tó padà wá fúnra rẹ̀ béèrè ọ̀rá kejì ni oníbàárà. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní £3, 317 kílò ló máa dá £950 padà. Bí iye tí àwọn èèyàn ti san àsansílẹ̀ lé lórí kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe gbé ẹrù sínú ọkọ̀ ojú omi.